Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí a bá pa àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp rẹ́ fún gbogbo èèyàn

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi obìnrin tó ń gba àjọ ní Abẹ́òkúta ya fọ́tò ojú ewé kan nínú ìwé àjọ rẹ̀, ó sì kọ gbólóhùn kan sí abẹ́ fọ́tò náà pé: “Bàbá onírin tún ti jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta, ẹ bá mi dá sí i.” Èmi ni ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Inú gúrúùpù àwọn tó ń dá àjọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó bọ́ sí, níbi tí èèyàn 12 wà yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, bàbá onírin sì wà lára wọn. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 12 ni. Nígbà tí yóò fi kíyè sí i, aago mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú 25. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní ṣé tí òun bá ti pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn, ọ̀rọ̀ náà ti tán nìyẹn.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn dáadáa níbí, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ ohun tí “Delete for everyone” ń ṣe. A rò pé ó máa ń lọ gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà padà níbi tó bá wà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ inú àpótí lẹ́tà tó sì mú lẹ́tà rẹ̀ jáde kí wọ́n tó kó o lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí ẹ bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ̀dà kan wà lórí fóònù yín, ẹ̀dà kejì sì gba ọ̀dọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà ńlá WhatsApp kọjá lọ sórí fóònù ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Wọ́n ti dì í ní ọ̀nà tó jẹ́ pé fóònù ẹni tó máa gbà á nìkan ló lè tú u, bó bá sì ti dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún, WhatsApp kì í tún tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sọ́dọ̀ ara wọn. Tí fóònù onítọ̀hún bá wà ní pípa tàbí tí kò ní dátà, àtẹ̀jíṣẹ́ náà yóò dúró dè é lọ́dọ̀ WhatsApp fún 30 ọjọ́ ó pẹ́ tán, kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò.

Bí ẹ bá wá tẹ “Delete for everyone,” iṣẹ́ kejì ni ẹ tún rán. Iṣẹ́ kejì yìí gba ọ̀nà kan náà tí àkọ́kọ́ gbà, ó sì ń sọ fún WhatsApp tó wà lórí fóònù ẹnì kejì pé kí ó yọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ báyìí-báyìí kúrò, kí ó sì fi “This message was deleted” rọ́pò rẹ̀. Ẹ rò ó bí ẹni tó rán ọmọ kan lọ fi ìwé fún aládùúgbò, tó sì tún sáré rán ọmọ kejì tẹ̀ lé e pé kí aládùúgbò náà jọ̀wọ́ fa ìwé ọ̀hún ya. Bí ọmọ kejì bá bá aládùúgbò náà lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó ṣí ìwé, ó dára. Bí ó bá ti kà á tán, bí ó bá ti fi han ìyàwó rẹ̀, bí ó bá ti dà á kọ sínú ìwé mìíràn, iṣẹ́ tí ọmọ kejì jẹ́ kò lè kan gbogbo ìyẹn. Ẹ fi àpẹẹrẹ yìí sọ́kàn, nítorí kò sí ohun kan nínú èyí tó kù tí kì í ṣe inú rẹ̀ ló ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti àkókò, torí ó ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ohun tí ẹnì kan gbọ́ lọ́dún kan ni ó ṣì ń sọ fún ẹlòmíràn títí di òní. Nígbà tí WhatsApp kọ́kọ́ mú un wá ní ọdún 2017, ìṣẹ́jú 7 péré ni wọ́n fún èèyàn. Ní ọdún 2018, wọ́n sọ ọ́ di wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú 8 àti díẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n tún fi kún un, ó wá di ọjọ́ méjì ó lé díẹ̀, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 60. Ìgbà tí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́ ni a ti ń kà á, kì í ṣe ìgbà tí ẹnì kejì gbà á tàbí tó kà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 12 ní ọ̀sán Sátidé, bí a bá fi wákàtí 60 kà á, òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Túsìdeè, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ni àǹfààní yẹn yóò tó tán. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, WhatsApp kò ní sọ fún yín pé àkókò ti tán. “Delete for everyone” kò kàn ní sí lára ohun tí ẹ óò rí mọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ pa á rẹ́, “Delete for me” nìkan ni yóò kù. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó tó pé, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ sí ojú ewé ìrànwọ́ wọn ni pé nǹkan bí ọjọ́ méjì ni ẹ ní.

Ṣùgbọ́n àkókò yìí ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ọjọ́ méjì tí wọ́n fún yín jẹ́ àkókò tí ẹ fi lè rán iṣẹ́ kejì, kì í ṣe àkókò tí ẹnì kejì kò fi ní lè ka àkọ́kọ́. Ẹni tí fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún àbúrò mi pé kí ó má tíì pa á rẹ́, kí ó kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ẹ bá ti pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́, ohun tó kù lọ́dọ̀ yín ni “You deleted this message,” ẹ kò sì ní rí ẹni tó ti kà á àti ẹni tí kò tíì kà á mọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó pa á rẹ́, ẹ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ náà mọ́lẹ̀ títí yóò fi mọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ìyókù, ẹ wá tẹ àmì dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó tò lókè, kí ẹ sì yan “Info.” Nínú gúrúùpù, yóò to orúkọ àwọn tó ti kà á sí abẹ́ “Read by,” yóò sì to àwọn tó ti dé orí fóònù wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì ṣí i sí abẹ́ “Delivered to,” pẹ̀lú aago tó dé àti aago tí wọ́n kà á. Ẹni tí kò sí lábẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èèyàn kan ṣoṣo ni ẹ fi ránṣẹ́ sí, àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago náà ti tó: àmì aláwọ̀ eérú kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé ó ti kúrò lọ́wọ́ yín ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀hún, méjì aláwọ̀ eérú túmọ̀ sí pé ó ti dé orí fóònù rẹ̀, méjì aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ó ti ṣí i. Bí ẹ bá rí àmì aago kékeré, kò tíì kúrò lórí fóònù yín rárá, nítorí náà ẹ lè pa á rẹ́ kí ó má sì dé ibì kankan.

Ohun tí a rí nígbà tí àbúrò mi wò ó ni pé èèyàn mẹ́rin ti kà á, ó ti dé orí fóònù èèyàn mẹ́fà tí wọn kò tíì ṣí i, èèyàn méjì ló kù tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá, bàbá onírin sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì náà. Ó ya fọ́tò ojú fóònù rẹ̀ kí orúkọ àwọn èèyàn náà má bàa sọnù, lẹ́yìn náà ó tẹ fọ́tò ìwé àjọ náà mọ́lẹ̀, ó tẹ àmì garawa ìdọ̀tí, ó sì yan “Delete for everyone.” Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 31 ni.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta yìí, nítorí ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní lọ́wọ́ lẹ́yìn tí a pa á rẹ́ kò dọ́gba.

Ti àwọn méjì tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn ló rọrùn jù. Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ àti iṣẹ́ kejì ń dúró dè wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ WhatsApp, nígbà tí wọ́n bá sì tan dátà, méjèèjì wọlé tẹ̀ lé ara wọn. Ó ṣeé ṣe kí àkọ́kọ́ yọ fìrí kí èkejì tó gbá a mú, pàápàá níbi tí nẹ́tíwọ́kì bá ń falẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà “This message was deleted” ni wọ́n máa bá níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àbúrò mi lórí rẹ̀. Ìyẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe òfo. Ó sọ fún wọn pé ó fi nǹkan kan ránṣẹ́, ó sọ aago tó fi í ránṣẹ́, ó sì sọ pé kò fẹ́ kí wọ́n rí i.

Àwọn mẹ́fà tí ó dé orí fóònù wọn tí wọn kò tíì ṣí i ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣi ọ̀rọ̀ wọn lóye. Wọ́n rò pé níwọ̀n ìgbà tí àmì náà kò tíì di búlúù, onítọ̀hún kò tíì rí nǹkan kan. Àmì búlúù ń sọ pé wọ́n ṣí ojú ewé ọ̀rọ̀ náà nínú WhatsApp ni, kò sọ ohunkóhun nípa ìfitónilétí tó ń yọ sí òkè fóònù tàbí sí ojú fóònù tó wà ní títì. Ẹni tó bá ka “Bàbá onírin tún ti jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta” níbẹ̀, tó sì fi fóònù rẹ̀ sápò, ti gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ kí àmì kankan fi hàn. Nígbà tí iṣẹ́ kejì bá dé, WhatsApp máa ń yọ ọ̀rọ̀ inú ìfitónilétí náà kúrò pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yọ ọ́ kúrò lórí ẹni tó ti kà á. Láti ọdún 2020, nígbà tí Android 11 jáde, fóònù Android púpọ̀ tún ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní “Notification history,” tí ẹ óò rí nínú “Settings” lábẹ́ “Notifications.” Bí ẹni tó ni fóònù náà bá ti tan án sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń tọ́jú ìfitónilétí tó wọlé láàárín wákàtí 24 sẹ́yìn, ó sì lè padà lọ ka ọ̀rọ̀ tó yọ kí a tó pa á rẹ́. Kì í ṣe WhatsApp ló ń ṣe èyí, fóònù fúnra rẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ kejì yẹn kò fi lè dé ibẹ̀.

Ti àwọn mẹ́rin tó ti kà á, ẹ kò ní bi mí léèrè bóyá wọ́n rí i. Ohun tó yẹ kí a bi ara wa ni ohun tó kù lọ́wọ́ wọn tí wọ́n lè fi han ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ti ya fọ́tò ojú fóònù rẹ̀ ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹni tó bá ti fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ti ṣẹ̀dá àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun tí orúkọ tirẹ̀ wà lórí rẹ̀, iṣẹ́ kejì tí ẹ rán kò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tó bá ti dáhùn nípa fífa ọ̀rọ̀ yín yọ sí òkè ìdáhùn tirẹ̀ lè ti dá apá kan rẹ̀ dúró síbẹ̀, nítorí ìdáhùn náà gbé ẹ̀dà ohun tó fà yọ dání. Ẹ yára wo ìdáhùn tó wà lábẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ pa rẹ́, kí ẹ sì bẹ ẹni tó kọ ọ́ kí ó pa tirẹ̀ rẹ́. Ti fọ́tò tún le díẹ̀ sí i. Lórí iPhone, bí ẹni tó gbà á bá ti ṣe é kí WhatsApp máa tọ́jú fọ́tò sínú “Photos,” ẹ̀dà ibẹ̀ kò ní kúrò nígbà tí ẹ bá pa ti inú WhatsApp rẹ́, WhatsApp fúnra wọn sì kọ èyí sílẹ̀ kedere. Lórí Android, fọ́tò náà sábà máa ń bá àtẹ̀jíṣẹ́ lọ, àfi bí áàpù mìíràn bá ti gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ ṣáájú, irú bíi Google Photos tí ẹnì kan ti sọ fún pé kí ó máa tọ́jú àwọn fọ́tò WhatsApp.

Ohun kan tún wà tí mo rí i pé a kì í sọ tó nílẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò lo WhatsApp gidi. Ayédèrú tí àwọn ẹlòmíràn tún ṣe ni wọ́n gbé sórí fóònù, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù sì ni GB WhatsApp. Lára ohun tó ń fa èèyàn lọ sídìí rẹ̀ ni pé ó lè kọ etí dídi sí iṣẹ́ kejì: iṣẹ́ náà dé, ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, ó tilẹ̀ lè fi àmì sí i lára pé ẹni tó kọ ọ́ ti gbìyànjú láti pa á rẹ́. Ojú fóònù tiyín yóò sọ pé “You deleted this message” bó ti yẹ. Kò sí ohun tí yóò fi hàn yín pé kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dọ̀ onítọ̀hún. Bákan náà ni WhatsApp gidi kì í fi tó yín létí nígbà tí pípa rẹ́ fún gbogbo èèyàn kò bá yọrí sí rere, bí àpẹẹrẹ nígbà tí ẹ̀dà WhatsApp tó wà lórí fóònù onítọ̀hún bá ti gbó jù. Ohun tí ẹ rí ní ọ̀dọ̀ tiyín kì í ṣe ẹ̀rí ohun tó wà ní ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Bí ẹ bá ní ẹni tí ọkàn yín balẹ̀ sí nínú gúrúùpù náà, ẹ ní kí ó wo tirẹ̀ kí ó sì sọ ohun tó rí fún yín.

Kí n tó padà sí ọ̀rọ̀ àbúrò mi, àṣìṣe kan wà tó burú ju gbogbo èyí lọ, òun ni pé kí ọwọ́ yín yọ̀ sí “Delete for me” dípò “Delete for everyone.” Méjèèjì wà nítòsí ara wọn, ọwọ́ ẹni tó ń bẹ̀rù sì máa ń gbọ̀n. “Delete for me” yọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà kúrò lójú tiyín nìkan, ó sì wà lójú gbogbo ẹni tó kù bó ṣe wà. Nítorí pé kò sí lójú yín mọ́, ẹ kò ní nǹkan kan tí ẹ lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti pa á rẹ́ fún wọn. Láti oṣù kejìlá ọdún 2022, WhatsApp ń fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá 5 láti tẹ “Undo” tó yọ sí ìsàlẹ̀ ojú fóònù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kíákíá, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé inú gúrúùpù ni, ẹ wá alámòójútó gúrúùpù náà, torí ó ní agbára láti pa àtẹ̀jíṣẹ́ ẹnikẹ́ni rẹ́ fún gbogbo èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ yóò hàn pé òun ló pa á rẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìpàdé ẹni méjì péré, kò sí alámòójútó, ẹnì kejì nìkan ló kù tí ẹ lè bẹ̀.

Àwọn áàpù yòókù kò tẹ̀ lé òfin kan náà, nítorí náà ẹ má ṣe gbé ti WhatsApp lé wọn lórí. Lórí Telegram, láti ọdún 2019, nínú ọ̀rọ̀ ẹni méjì, ẹ lè pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́ ní ọ̀dọ̀ méjèèjì nígbàkígbà, kódà lẹ́yìn ọdún kan, kò sì ní fi àmì kankan sílẹ̀. iMessage, ìfiránṣẹ́ tó wà lórí iPhone fúnra rẹ̀, kò fún yín ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú wọn tó lè gba ohun tí ẹnì kejì ti kà tàbí tó ti ya fọ́tò rẹ̀ padà.

Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, a ti mọ ohun tó kù. Ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rin tó ti kà á ti kọ “Ha!” sí i, ó sì ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ sí òkè rẹ̀, àbúrò mi pè é, ó sì pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Obìnrin kan nínú àwọn mẹ́fà sọ fún un láìfi ọ̀rọ̀ pa mọ́ pé òun ti ka gbólóhùn náà lójú fóònù òun nígbà tí òun ń da epo sínú kòkò. Ẹlòmíràn nínú àwọn mẹ́rin yẹn ń lo iPhone, fọ́tò ewé ìwé àjọ náà sì wà nínú “Photos” rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti gbèsè gbogbo èèyàn. Ó gbà láti yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n mo ní kí àbúrò mi ṣàlàyé fún un pé yíyọ kan kò tó, nítorí iPhone máa ń kọ́kọ́ kó ohun tí a yọ lọ sínú “Recently Deleted,” ó sì ń tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ fún nǹkan bí 30 ọjọ́. Obìnrin náà lọ síbẹ̀, ó yọ ọ́ níbẹ̀ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday, bàbá onírin tan fóònù rẹ̀. Ohun tó rí kò ju “This message was deleted” lọ, ó sì pe àbúrò mi láti béèrè bóyá àyípadà ti dé bá ọjọ́ tí wọ́n ń kó àjọ. Èèyàn márùn-ún ló ti mọ̀ nípa gbèsè rẹ̀ nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò mi sọ ohun tó kọ fún un, ó sọ orúkọ àwọn tó mọ̀ pé wọ́n rí i, ó sì tọrọ àforíjì.